60, 50, 20: Kí ni Àwọn Ìwọ̀n Wọ̀nyí Ń Wá nínú Omi Ilé? Àlàyé lórí Kòkòrò Lijiọnẹ́là

Ẹni tó bá ń fi ilé háyà ní Bìrìtéènì, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, kò ní pẹ́ rí ìwé kan tó sọ pé kí omi gbígbóná wà ní ìwọ̀n 60 nínú sílíńdà, ìyẹn táǹkì tí omi ilé ti ń gbóná, kí ó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní ìwọ̀n 50 ó kéré tán, kí omi tútù má sì kọjá 20. Bí ó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú ni, ìwé náà yóò tún fi kún un pé omi tí arúgbó yóò jókòó sínú rẹ̀ láti wẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 44 lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ka èyí tán tí wọn yóò sì béèrè pé, bí kò bá sí ẹni tó lè fi omi 60 wẹ̀, kí ló dé tí a kò kúkú fi sílíńdà sí 44 láti ìbẹ̀rẹ̀, kí owó gáàsì náà lè dínkù? Ìbéèrè tó dára ni, èmi náà kò sì rí i kí wọ́n dáhùn rẹ̀ dáadáa nínú ìwé tí wọ́n ń há fún àwọn onílé. (Gbogbo ìwọ̀n ìgbóná inú àlàyé yìí jẹ́ ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì.)

Ìdáhùn náà wà lọ́dọ̀ kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ Lijiọnẹ́là. Ọdún 1976 ni ayé kọ́kọ́ fura sí i, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Filadẹ́lífíà bẹ̀rẹ̀ sí í ní àìsàn òtútù àyà tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀, tí ó sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí kòkòrò náà gan-an, wọ́n sì fi orúkọ ẹgbẹ́ náà pè é. Kì í ṣe kòkòrò àjèjì: ó wà nínú odò, nínú adágún àti nínú ilẹ̀ tútù, díẹ̀díẹ̀ sì ni ó ń bá omi ìjọba wọ ilé. Bí ó bá kéré bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ohun tí a ń bẹ̀rù ni kí ó rí ibi pọ̀ sí nínú páìpù wa, kí ṣáwà tàbí ẹ̀rọ tó ń tú pẹ̀lú agbára wá fọ́ omi náà sí wẹ́wẹ́ bí ìkùukùu, kí ènìyàn sì mí i símú. Ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó mu omi náà kì í sábà kó àrùn, àfi bí omi bá ṣì í lọ́nà ọ̀fun, ẹni tí ó sì ti ń ṣàìsàn náà kì í kó o ran ẹlòmíràn. Àwọn arúgbó, àwọn amusìgá àti àwọn tí ara wọn kò le ni ó máa ń bá jà jù, láàárín ọjọ́ 2 sí 10 lẹ́yìn tí wọ́n mí i símú ni àmì rẹ̀ sì máa ń hàn.

Láàárín ìwọ̀n 20 sí 45 ni kòkòrò yìí ti ń bí sí i, ibi tí ó sì tù ú lára jù ni bí ìwọ̀n 37, èyí tíí ṣe ìgbóná ara ènìyàn. Nísàlẹ̀ 20, kò kú, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò pọ̀ sí i. Ní ìwọ̀n 50, kò lè bí mọ́, ó sì ń kú, ṣùgbọ́n ó lọ́ra: ó tó nǹkan bíi wákàtí 2 kí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ tó kú. Ní ìwọ̀n 60, ìṣẹ́jú 2 péré ni iṣẹ́ yẹn gbà. Ìyàtọ̀ láàárín wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 2 yìí ni gbogbo ìdí tí a fi ń ní kí sílíńdà wà ní 60. Inú sílíńdà ni ibi tí a ti ń pa á. Inú páìpù ni ibi tí a kò ti ní jẹ́ kí ó rí ìsinmi, ìyẹn ló fa ìwọ̀n 50. Inú páìpù omi tútù ni a ti ń jẹ́ kí ó sùn, ìyẹn sì ló fa 20. Ìwọ̀n 44 kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kòkòrò rárá. Ti awọ ara ènìyàn ni, ẹnu ẹ̀rọ nìkan ni ó sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo sílíńdà sí 44 ti ṣe gbogbo ilé ní ibùgbé fún kòkòrò náà, nítorí pé bí omi 44 bá ti rìn díẹ̀ nínú páìpù, 37 náà ni yóò bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé kan. Kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Mo kó àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jọ sínú rẹ̀ ni. Ilé alájà mẹ́ta ni, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀n, tí onílé ń fi yàrá rẹ̀ háyà fún ayálégbé mẹ́fà. Sílíńdà wà nísàlẹ̀, táǹkì omi tútù wà lókè àjà. Nígbà kan rí, ilé ìwẹ̀ wà ní àjà òkè pátápátá, ó ní bàáfù, ó ní báàsìnì ìfọwọ́. Onílé sọ ibẹ̀ di yàrá kan sí i. Ó yọ bàáfù, ó fi ìdérí dí ẹnu àwọn páìpù rẹ̀ mọ́ abẹ́ pákó, ó sì fi báàsìnì sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gba yàrá náà. Nígbà tí owó gáàsì gbówó lórí, ó yí tẹmositáàtì sílíńdà wá sí 50.

Púlọ́ńbà kan mú tẹmómítà wọlé ní oṣù Keje. Omi tó ń jáde lórí sílíńdà jẹ́ 52. Páìpù gbígbóná tó bọ́ ṣáwà ìsàlẹ̀ jẹ́ 49. Báàsìnì òkè, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tí omi ti ń ṣàn, jẹ́ 33. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ó jẹ́ 44. Omi tútù tó ń wọlé láti ojú pópó jẹ́ 17, ṣùgbọ́n èyí tó ń jáde ní báàsìnì òkè kan náà jẹ́ 24 lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ayálégbé kò tíì ráhùn rí, nítorí pé omi tó ń jáde tó wọn í wẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ nìkan dán omi wò, ìwọ̀n tó dùn mọ́ wa lára ni a máa ń pè ní dáadáa, ìwọ̀n tó sì dùn mọ́ wa lára náà ni kòkòrò yìí fẹ́.

Sílíńdà ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ wò. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ, nítorí náà òkè sílíńdà ni ó máa ń lọ, tútù tó ń wọlé yóò sì wà nísàlẹ̀. Bí òkè bá jẹ́ 52, ìsàlẹ̀ lè jẹ́ 35, ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni ìpẹtà, ẹfun omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ máa ń tòrò sí, tí kòkòrò ń rí ibi fara pamọ́ sí. Tẹmositáàtì kì í mọ èyí, nítorí pé ibi tí wọ́n dè é mọ́ nìkan ni ó ń wọ̀n. Nítorí náà, ìtọ́nisọ́nà ilé-iṣẹ́ ìjọba Bìrìtéènì tó ń mójú tó ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́ kò dúró sórí pé kí òkè jẹ́ 60 nìkan: ó ní kí gbogbo omi inú rẹ̀, títí kan ìdí rẹ̀, dé 60 fún wákàtí kan lójoojúmọ́. Nínú sílíńdà ńlá, bíi ti hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n máa ń lo pọ́ǹpù kékeré kan tó ń fa omi láti òkè padà sí ìsàlẹ̀ ní àkókò tí àwọn ènìyàn kò lo omi púpọ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè gbóná dọ́gba. Nínú sílíńdà kékeré, ohun tó ṣe pàtàkì ni kí okùn ìgbóná rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Sílíńdà tó jẹ́ pé irin iná mànàmáná òkè nìkan ni wọ́n ń tàn, nítorí pé ó tètè ń gbóná, ni mo máa ń fura sí jù, torí ìdajì rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ kì í mọ̀ pé iná wà.

Báàsìnì òkè ni ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Bí onílé bá tilẹ̀ gbé tẹmositáàtì padà sí 60 lónìí, báàsìnì yẹn kò ní dé 50 láàárín ìṣẹ́jú kan bí ó ṣe yẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé bàáfù ni wọ́n ṣe páìpù rẹ̀ fún. Páìpù onímìlímítà 22 ni, ó gùn tó mítà 12 láti ibi sílíńdà, mítà kọ̀ọ̀kan sì gba bíi ìdá mẹ́ta lítà kan. Nítorí náà, omi tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lítà 4. Ẹ̀rọ báàsìnì yìí kò tú ju lítà 4 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kí omi àtijọ́ tó ti tutù tó tú jáde tán, ìṣẹ́jú kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, a kò sì tíì ka ooru tí bàbà páìpù fúnra rẹ̀ yóò fà mu. Bí a bá fi páìpù onímìlímítà 15 rọ́pò rẹ̀, omi tó wà nínú mítà 12 kan náà kò ní tó lítà 2, ìdajì ìṣẹ́jú kò sì ní pé kí gbígbóná tó dé. Páìpù ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ dára ju kékeré lọ, bí àwọn kan ṣe rò. Páìpù tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ni ó dára. Ní ilé tó tóbi gan-an, tí kò sí bí páìpù kò ṣe ní gùn, wọ́n máa ń ṣe páìpù ọ̀nà méjì, kí pọ́ǹpù lè máa yí omi gbígbóná ká padà sínú sílíńdà láìdúró. Níbẹ̀, omi tó ń padà bọ̀ kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 50 lọ, ibẹ̀ sì ni a ti ń mọ̀ bóyá ooru ń ṣòfò lójú ọ̀nà.

Ó wá ku àwọn páìpù abẹ́ pákó tí wọ́n dí lẹ́nu. Mítà 4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbígbóná àti tútù, omi tó wà nínú méjèèjì sì tó bíi lítà 2 àbọ̀. Irú ẹ̀ka báyìí ni àwọn púlọ́ńbà ń pè ní dẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀gì, ìyẹn ẹ̀ka tó ti kú. Oríṣi rẹ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí a dí lẹ́nu pátápátá, tí omi kò lè gbà jáde mọ́. Èkejì ní ẹ̀rọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í ṣí i: báàsìnì yàrá àlejò, ṣáwà tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ẹ̀rọ ìta ilé ní ìgbà òtútù. Nínú àwọn méjèèjì, omi yóò dúró títí yóò fi bá ìgbóná yàrá dọ́gba, ìgbóná yàrá ní Bìrìtéènì sì jẹ́ bíi 20 sí 25. Kilorín tí wọ́n fi sínú omi kí ó tó wọlé yóò ti tán nínú rẹ̀. Ohun kan tó ń yọ̀ bí ilá yóò wá gan mọ́ inú páìpù, àwọn kòkòrò mìíràn tó tóbi ju Lijiọnẹ́là lọ yóò sì wà nínú rẹ̀, tí òun yóò máa wọ inú wọn lọ láti bí sí i, níbi tí kilorín kò ti lè tètè bá a.

Wọ́n sábà máa ń béèrè pé, bí ẹ̀ka náà bá ti dí lẹ́nu, kí ló kàn wá? Ẹnu rẹ̀ kejì ni ó ṣí. Ó ṣì so mọ́ páìpù tó ń bọ́ báàsìnì, gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ẹ̀rọ, tí a bá sì tì í, ni omi ń ru ní ẹnu ìsopọ̀ náà, tó sì ń fa díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Èyí ló fà á tí dídà kilorín sínú gbogbo omi ilé, tàbí gbígbé ìgbóná rẹ̀ sókè fún ọjọ́ kan, kì í fi wo irú ilé yìí sàn. Oògùn yóò gba ibi tí omi ń ṣàn kọjá, kò ní wọ inú ẹ̀ka tó kú; láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ka náà yóò ti tún kún àwọn páìpù tí a fọ̀. Gígé ni ìtọ́jú rẹ̀. Kì í sì ṣe kí a gé e kúrú lásán: kí a padà sí ibi tó ti yà kúrò lára páìpù tó ń ṣàn, kí a yọ ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó wà níbẹ̀, kí a sì fi èyí tó lọ tààrà rọ́pò rẹ̀. Kò dẹ̀rọ̀ láti ṣe, nítorí pé ó lè gba pé kí a tú pákó yàrá tí ènìyàn ń gbé, ìdí nìyẹn tí àwọn púlọ́ńbà kan fi máa ń fi ìdérí dí i kí wọ́n lè tètè máa lọ. Ẹni tó ń tún ilé ìwẹ̀ ṣe yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ gígé yìí sínú àdéhùn iṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ilé ṣì ṣí sílẹ̀.

Ní ti omi tútù tó wọlé ní 17 tó sì jáde ní 24, ọ̀nà méjì ni ooru gbà wọ inú rẹ̀. Táǹkì òkè àjà gba lítà 900, ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé kò lò ju 300 lọ nínú rẹ̀ lóòjọ́, torí pé omi ìdáná wọn ti ojú pópó wá tààrà. Omi tó bá wọ táǹkì yóò lo ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ òrùlé tí oòrùn oṣù Keje ń pa, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìtọ́nisọ́nà fẹ́ ni kí ohun tí a tọ́jú má ju ìlò ọjọ́ kan lọ. A lè mú bọ́ọ̀lù tó ń tì í wálẹ̀ kí ó má kún mọ́, tàbí kí a fi táǹkì kékeré rọ́pò rẹ̀. Kí ẹnu tí omi ń gbà wọlé àti èyí tó ń gbà jáde dojú kọ ara wọn láti òdì kejì táǹkì, kí omi lè gba gbogbo inú rẹ̀ kọjá. Kí ó ní ìdérí tó bá a mu, kí a sì fi nẹ́ẹ̀tì sí ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, torí òkú kòkòrò àti ìdọ̀tí ẹyẹ jẹ́ oúnjẹ fún ohun tí a ń lé. Ọ̀nà kejì ni pé páìpù tútù àti gbígbóná jọ gba inú ihò kan gòkè, wọ́n fara kan ara wọn, kò sì sí aṣọ ìbora lára èyíkéyìí. Gbígbóná ń tutù, tútù ń gbóná, àwọn méjèèjì ń pàdé ní ibi tí kò yẹ. Ìbora tó nípọn lára méjèèjì ni yóò yà wọ́n, pẹ̀lú àyè láàárín wọn.

Bí a ṣe tò iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì. Kí onílé tó gbé tẹmositáàtì sí 60, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi fáàfù tó ń po gbígbóná mọ́ tútù sí ibi ṣáwà, nítorí pé omi 60 lè jó àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ti ọmọdé kò sì tó bẹ́ẹ̀. Fáàfù yìí ni ó ń jẹ́ kí omi 60 nínú sílíńdà àti omi 41 lẹ́nu ṣáwà lè jọ wà nínú ilé kan. Ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀: láti ibi tó wà títí dé ẹnu ṣáwà, omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí a gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí páìpù ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì gùn tó mítà 2. Ẹni tó fi fáàfù kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ sílíńdà láti bọ́ gbogbo ilé ti sọ gbogbo páìpù rẹ̀ di ẹ̀ka ìlọ́wọ́ọ́wọ́, owó díẹ̀ ló sì fi ṣe é. Ìdí nìyẹn náà tí a fi ń wọn ìgbóná lára páìpù tó ń wọ fáàfù, kì í ṣe lẹ́nu ṣáwà.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe gbogbo èyí nínú ilé àpẹẹrẹ wa, omi orí sílíńdà di 61, páìpù ṣáwà ìsàlẹ̀ di 58, báàsìnì òkè di 54 kí ìṣẹ́jú kan tó pé, omi tútù rẹ̀ sì di 19. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kí a máa wọn ẹ̀rọ tó sún mọ́ sílíńdà jù àti èyí tó jìnnà jù, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pọn dandan kí a wọn gbogbo ẹ̀rọ. Bí èyí tó jìnnà bá ń lọ sílẹ̀ láti oṣù dé oṣù, nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà. Àwọn onílé kan máa ń fẹ́ fi omi ránṣẹ́ sí yàrá ìdánwò dípò èyí. Mi ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó gba bíi ọjọ́ mẹ́wàá kí èsì tó jáde, ibi tí a ti bu omi nìkan ni ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, lọ́jọ́ tí a bù ú. Èsì tí kò rí nǹkan kò túmọ̀ sí pé ẹ̀ka tó kú kò sí.

Àwọn tó ń ka èyí ní Èkó tàbí Kútọnu yóò ti rí i pé ìwọ̀n 20 kò bá wọn mu. Omi táǹkì orí òpó lábẹ́ oòrùn wa kì í fi ìgbà kankan tutù tó bẹ́ẹ̀. 27 sí 30 lọ́sàn-án kò jẹ́ tuntun. Ìwọ̀n tútù kò lè jẹ́ ààbò fún wa, ohun tó kù ni kí omi má pẹ́ nínú táǹkì, kí táǹkì wà lábẹ́ òjìji tàbí kí ó ní ìdérí tó dára, kí kilorín díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kí a sì máa fọ̀ ọ́. Ẹni tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kólóbó wẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mí ìkùukùu omi símú. Hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn tó ní ṣáwà nínú yàrá tí ènìyàn kì í sábà wọ̀ ni kí ó ronú sí i, pẹ̀lú àwọn ìgbóná omi kékeré orí ògiri, tí ó yẹ kí a jẹ́ kí gbogbo inú wọn gbóná dáadáa kí a tó ṣí ṣáwà.

Ó ku ti ilé tí a fi sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀n máa ń wá sílé ní oṣù Kejìlá, wọn a sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a pa bọ́ílà kí wọ́n tó jáde. Gbogbo ilé ti di ẹ̀ka tó kú nìyẹn. Tí ẹ bá dé, ẹ má ṣe wọ ilé ìwẹ̀ lọ tààrà. Ẹ kọ́kọ́ tan bọ́ílà, kí sílíńdà dé 60, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ yọ orí ṣáwà, ẹ ti ẹnu okùn rẹ̀ bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀ kí omi tó ń jáde má baà fọ́n sáfẹ́fẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí gbígbóná àti tútù máa ṣàn jẹ́jẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú 5, kí ẹ jáde kúrò nínú yàrá náà títí yóò fi tán. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ẹ̀rọ tó kù, títí kan ti yàrá àlejò. Ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tó ń lò ó nígbà tí ẹ wà nílé pàápàá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa ṣí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyẹn kò ní jẹ́ kí ẹ nílò púlọ́ńbà láti wá gé e, àfi bí ó bá dá yín lójú pé ẹnikẹ́ni kò tún ní lò ó mọ́.